Ojú Màmá lórí bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Bọ̀dá Dísáìnà, Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ojú ènìyàn tó máa ń fọ́ lórí bánà ni mo gbé wá. Màá fi iṣẹ́ kan tí mo ṣe fún ìdílé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀, kí oníkálukú wá sọ tirẹ̀.

Ìsìnkú ìyá wọn ni. Bánà náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 8 ní gíga, iwájú ilé ni wọ́n fẹ́ so ó mọ́, kí ẹni tó bá wà ní òdìkejì títì lè rí i. Àkọ́bí wọn fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù: Màmá jókòó láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ níbi ìsọmọlórúkọ. Ó ní, "Ẹ bá wa gé àwọn yòókù kúrò, ẹ jẹ́ kí orí Màmá kún bánà yẹn."

Lójú fóònù, fọ́tò yẹn mọ́ roro. Nígbà tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, píksẹ́lì 1600 lọ́nà 1200 ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dísáìnà máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ó tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fọ́tò la fẹ́ tẹ̀, ojú Màmá nìkan ni. Mo wọn ojú náà láti àgbọ̀n dé ibi tí iwájú orí ti wọ abẹ́ gèlè, ó jẹ́ píksẹ́lì 150 péré. Ẹ má ka gèlè mọ́ ọn o, torí gèlè obìnrin wa lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ojú fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rò pé píksẹ́lì pọ̀ níbi tí kò sí. Ẹyinjú Màmá kan, láti igun kan dé èkejì, kò ju píksẹ́lì 22 lọ.

Bí orí bá kún bánà bí wọ́n ṣe fẹ́, ojú yẹn á ga tó ínṣì 45. Ẹ pín 150 sí 45: píksẹ́lì mẹ́ta àti díẹ̀ ni yóò bọ́ sínú ínṣì kan. Píksẹ́lì kan ṣoṣo á wá fẹ̀ tó pẹ́ńsùlù. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ rí ìpéǹpéjú yọ nínú ìyẹn?

Mo béèrè ẹni tó ni fóònù tí wọ́n fi ya fọ́tò náà. Ọmọ-ọmọ kan ní Yábàá ni. Mo ní kó má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò mọ́, kó tẹ `Document` lórí Wọ́sáàpù, kó mú un látibẹ̀. Ó dé ní 4000 lọ́nà 3000, ojú Màmá sì di píksẹ́lì 375. Mo dúpẹ́, àmọ́ ẹ tún pín in sí 45: mẹ́jọ àti díẹ̀. Kò tíì tó.

Ibi tí mo gé e sí ló wá gbà wá. Dípò orí nìkan, mo gé e dé ìbàdí, kí bùbá àti ìborùn Màmá hàn, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Ní gíga bánà kan náà, ojú á wá jẹ́ ínṣì 18. Ẹ pín 375 sí 18, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 21. Ẹ rí i pé fọ́tò kò yí padà, bánà kò sì kéré sí i. Bí a bá ṣe ń gé e sún mọ́ ojú tó, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa na ìwọ̀nba píksẹ́lì tó wà níbẹ̀ tó.

Ṣé 21 tó? Ibi tí ẹni tó ń wò ó dúró sí ló máa sọ. Ìṣirò tí mo ń lò ni pé kí ẹ pín 3438 sí iye ínṣì tó wà láàárín ènìyàn àti bánà. Ohun tó bá jáde ni píksẹ́lì tí ojú tó ríran dáadáa lè yà sọ́tọ̀ nínú ínṣì kan níbi tó dúró sí. Òdìkejì títì wọn tó mítà mẹ́rin, ìyẹn ínṣì 157, tó fún wa ní 22. Ẹ rí i pé 21 ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìdílé ṣì ń kùn pé orí Màmá ti kéré jù. Mo bá tẹ ẹyinjú rẹ̀ kan sórí ìwé A4 méjì, ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ gan-an lórí bánà, ti ojú ínṣì 45 àti ti ojú ínṣì 18. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin wọn wo ti àkọ́kọ́ títí, ó ní, "Èyí ò jọ Màmá." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ìyá Wúrà, Èbúté Mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Bọ̀dá. Tèmi náà fọ́ mi lójú. Bánà ọjọ́ ìbí ọkọ mi ọlọ́dún 60, fọ́tò tí kámẹ́rà gidi yà ni mo kó fún wọn, ó ṣe kedere, àmọ́ ojú bàbá pupa bí ẹni tí wọ́n fi osùn pa. Ṣé píksẹ́lì rẹ̀ ni kò tó ni?

Bọ̀dá Dísáìnà, Ṣómólú

Rárá, Ìyá Wúrà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìyẹn, ó yàtọ̀ sí ti píksẹ́lì. Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń fi àwọ̀ hàn, yíǹkì ni ẹ̀rọ ń lò, bí ẹni tó yí i padà kò bá sì fara balẹ̀, àwọ̀ ara wa ló máa ń kọ́kọ́ di pupa. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú nìkan lórí àjákù flẹ́ẹ̀sì nígbà mìíràn, kí ẹ wò ó nínú oòrùn.

Ọmọ Mushin Atẹ̀wé

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé kí a bèèrè fáìlì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ń fi ìṣirò da àwọn ènìyàn lágara. Lọ́dọ̀ tiwa, píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan ni òfin. Fáìlì tó bá wọlé ní 72, a máa ń wọ `Image Size` nínú Photoshop, a ó sọ ọ́ di 300, a ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ flẹ́ẹ̀sì wa ń tẹ̀ ní 720, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó ààbọ̀ iṣẹ́ fún un?

Bọ̀dá Dísáìnà, Ṣómólú

Àbúrò mi, o jàre lórí fáìlì àkọ́kọ́. Àmọ́ 720 yẹn, ẹ̀kán yíǹkì ni ẹ̀rọ ń kà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kán ló máa ń para pọ̀ kí àwọ̀ píksẹ́lì kan tó jáde, nítorí náà kò bèèrè 720 lọ́wọ́ fọ́tò.

Ní ti 300, ṣí `Image Size`, kí o yọ àmì kúrò níwájú `Resample`, kó o wá kọ 300. Wàá rí i pé píksẹ́lì kò yí, ínṣì ló kéré. Bí àmì bá wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á dá píksẹ́lì tuntun sáàárín àwọn tó wà tẹ́lẹ̀. Fáìlì á wúwo, ṣùgbọ́n irun ojú tí kámẹ́rà kò rí, kò ní wá. Kódà bánà Màmá yẹn, 72 ni mo fi ṣí i, ojú rẹ̀ sì jẹ́ píksẹ́lì 1296 níbẹ̀. Síbẹ̀ 375 ni òótọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń wọn ojú lórí fọ́tò kí n tó gbé e sórí bánà nìyẹn.

Ṣọ́ irinṣẹ́ `Crop` náà. Bí o bá yan `W x H x Resolution` lókè rẹ̀, tí o kọ nọ́ńbà sí i, bó ṣe ń gé ló ń fẹ fọ́tò tí kò ní sọ fún ọ. `Ratio` ni kí o yàn.

Ọmọ Mushin Atẹ̀wé

Ti `Crop` yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Màá yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá rí 72 lórí fáìlì á ní mo fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni, nítorí náà 300 mi ṣì wà.

Àlájà Ìta Fájì

Ẹ kú ìjókòó o. Bàbá mi, fọ́tò páàsípọ́ọ̀tù kan péré ló kù, ó wà nínú ìwé àtijọ́. Ọmọ mi fi fóònù yà á lórí tábìlì, iná inú ilé tàn yinrin sórí iwájú orí Bàbá. Àdúrà ọdún wọn ti súnmọ́. Ṣé ó lè di bánà?

Bọ̀dá Dísáìnà, Ṣómólú

Ó lè di bánà, Màmá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fóònù yà á mọ́. Ẹ ní kí wọ́n kó o sí sikáánà, kí wọ́n sì nu gíláàsì rẹ̀ dáadáa. Bí fọ́tò náà bá jẹ́ ìwọ̀n tòde òní, ojú inú rẹ̀ ga tó ínṣì kan àti díẹ̀, á sún mọ́ 1.3. Bí wọ́n bá sikáánì ní 600, ẹ ó rí nǹkan bíi píksẹ́lì 780. Ní mítà mẹ́rin, ojú Bàbá lè ga tó ínṣì 35 lórí ìwé ìṣirò. Èmi kò ní kọjá 20 o, torí fọ́tò àtijọ́ kì í fi gbogbo píksẹ́lì rẹ̀ sọ òótọ́: òmíràn nínú wọn, ojú bébà ni sikáánà ń rí.

Bí ó bá jẹ́ dúdú àti funfun tí wọ́n fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dán 1200 náà wò. Bí irùngbọ̀n Bàbá bá hàn sí i, ẹ mú un. Bó bá jẹ́ kìkì ṣákaṣàka bébà ló ga sí i, ẹ padà sí 600.

Àlájà Ìta Fájì

Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Bàbá ní tírà lọ́rùn nínú fọ́tò yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e kúrò o.

Bọ̀dá Dísáìnà, Ṣómólú

Kí wọ́n fi í sílẹ̀, Màmá. Ọrùn àti èjìká tó bá wà lábẹ́ ojú ló ń jẹ́ kí ojú kéré tó láti mọ́.

Àǹtí Dẹkọ, Súrùlérè

Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bánà ẹ̀yìn ìjókòó nínú gbọ̀ngàn ni iṣẹ́ tèmi, mítà mẹ́rin yín kò wúlò fún mi. Àwọn àlejò á wá dúró ní mítà kan sí bánà láti ya fọ́tò. Mo ti ṣe ìṣirò yín: mítà kan fẹ́ 87 nínú ínṣì. Píksẹ́lì 375 tẹ ẹ ní yẹn, ojú Màmá kò ní ju ínṣì mẹ́rin lọ. Ta ló ń so ojú ínṣì mẹ́rin mọ́ bánà?

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń gbé ojú sókè, ju orí àlejò lọ, kí ẹnikẹ́ni má lè fi imú kàn án. Orúkọ àti déètì ló máa ń wà nísàlẹ̀, lẹ́tà ni ìyẹn, kì í fọ́.

Ọmọ Mushin Atẹ̀wé

Àǹtí, ẹni tó ń ya fọ́tò kò sí ní mítà kan, ẹni tí wọ́n ń yà ló wà níbẹ̀, ó sì ti kọ ẹ̀yìn sí bánà. Kámẹ́rà á wà ní mítà méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta. Ibi tí kámẹ́rà wà ni kí ẹ fi ṣírò.

Àǹtí Dẹkọ, Súrùlérè

Kí àlejò tó kọ ẹ̀yìn sí i, ṣé kò ní kọ́kọ́ wò ó ni? Àwọn ìyá àgbà á fi ọwọ́ pa ojú olóògbé lára bánà kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n ti ṣe é níwájú mi. Mítà kan ni mo fi ń ṣírò, bí n kò bá tiẹ̀ rí i dé, mo mọ ibi tí mo dúró sí.

Bọ̀dá Dísáìnà, Ṣómólú

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mítà méjì lèmi máa ń mú fún gbọ̀ngàn, ìyẹn 44 nínú ínṣì, mo sì mọ̀ pé ìyá àgbà tó bá sún mọ́ ọn á rí i pé kò mọ́ tó. Àǹtí, tí ẹ bá ní fọ́tò bánà tí ẹ gbé ojú sókè yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi hàn wá, kẹ́ ẹ sọ bí ojú ṣe ga tó ní ínṣì.