Ẹ̀gúsí tó dì kókó àti èyí tó ń ṣomi: ẹ sọ bó ṣe ṣe yín

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo sè lánàá dùn mí. Ife mílíìkì méjì ni mo lọ̀, ó gbẹ dáadáa. Mo gbé epo pupa kaná, mo da ẹ̀gúsí sí i ní gbígbẹ, mo ń rò ó títí ó fi ń ta sánsán. Mo wá da ata àti omi ẹran bí ife mẹ́rin lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó jinná, ẹ̀gúsí ti rì sísàlẹ̀ bíi gàrí tí wọ́n bu omi púpọ̀ sí, omi ata sì dá dúró lókè. Ìyá ọkọ mi kì í dín tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ kókó inú ọbẹ̀ wọn máa ń tóbi bí ẹran. Ṣé dídín ló bà á jẹ́ ni?

Ọmọ Ìlọrin: Rárá o. Ẹ̀gúsí yín ló ti pẹ́ nílé. Nílé wa, a máa ń dín in, ó sì máa ń ṣe kókó dáadáa. Ẹ lọ ra tuntun.

Alásè Ìbàdàn: Ọmọ Ìlọrin, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín in, ṣé gbígbẹ lẹ máa ń dà á sínú epo?

Ọmọ Ìlọrin: Ó tì, mà. Màmá mi máa ń fi àlùbọ́sà lílọ̀ àti omi díẹ̀ po ó kó tó kan epo.

Alásè Ìbàdàn: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ àsè ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dójú tì mí rí lóde ìsìnkú kan, ìdí nìyẹn tí mo fi dán an wò nílé. Mo pín ife ẹ̀gúsí kan sí méjì. Mo da ìdajì kan sínú epo gbígbóná ní gbígbẹ, mo rò ó bí ìṣẹ́jú méje. Mo fi àlùbọ́sà lílọ̀ po ìdajì kejì títí ó fi ki bíi mọ́ínmọ́ín tí wọn ò tíì fi omi là, mo fi ṣíbí bù ú sínú ata tó ń hó, mo dé e, mi ò fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iye omi ẹran kan náà ni mo lò fún ìkòkò méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ wà ní hóró-hóró, omi yọ lára rẹ̀. Èkejì dì gbagidi.

Ohun tó wà lára ẹ̀gúsí máa ń dì bíi ẹyin tí iná bá kàn án. Bí omi bá ti so hóró mọ́ hóró kí iná tó dé, wọ́n á dì pọ̀. Bó bá jẹ́ gbígbẹ ló bọ́ sínú epo gbígbóná, hóró kọ̀ọ̀kan á dì lóun nìkan, epo á sì bò ó lára. Omi tẹ́ ẹ bá dà lẹ́yìn ìyẹn ò lè so wọ́n pọ̀ mọ́, wọn ò sì ní mu omi púpọ̀. Ìyá Ìbejì, bẹ́ ẹ bá tún dín in ní gbígbẹ, ife omi ẹran kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó hó pẹ̀lú iná díẹ̀ títí epo á fi yọ sókè, kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ó tún ń fẹ́ omi.

Ará Lọ́ńdọ̀nù: Tèmi náà máa ń ṣomi gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ inú yìnyín ni mò ń lò. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi rẹ̀ dànù ló tó dáa.

Alásè Ìbàdàn: Omi ẹ̀fọ́ nìyẹn, ó yàtọ̀. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i: bó bá ti ń ṣomi nígbà yẹn, ẹ̀fọ́ kọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti tún un ṣe lónìí. Mo po ife kan, mo bù ú sínú ata. Ara ò gbà mí, mo ṣí ìkòkò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo fi ìgbákọ rò ó. Àwọn tí ìgbákọ kàn tú sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ náà ki bí ògì. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ni wọ́n dì.

Ọmọ Ìlọrin: Àǹtí mi máa ń po ẹyin tútù kan mọ́ ọn, wọ́n ní kò lè tú láéláé.

Alásè Ìbàdàn: Mo mọ àwọn tó ń ṣe é. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí kókó le jù, adùn ẹ̀gúsí a sì dínkù.

Ọmọ Ìlọrin: Àǹtí mi ò ní gbà o, mà. Mo máa ṣe méjèèjì lọ́jọ́ Sátidé, ìkòkò kan pẹ̀lú ẹyin, ìkòkò kan láìsí ẹyin.