Gbogbo orúkọ omi onígò ló jọra: ṣé kí n pe tèmi ní Tòrò?

Ìyá Olómi Ọ̀jọọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe omi inú ọ̀rá n'Ìbàdàn. "Crystal" ló ṣáájú nínú orúkọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan gbé àpò omi wá bá mi, ó ní omi mi ń rùn bí ike tó jóná. Mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Búlúù ni bíi tèmi, ẹ̀kán omi wà lára ẹ̀ bíi tèmi, "Crystal" náà ló ṣáájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì kì í ṣe tèmi. Omi ẹlòmíì ni. Mo fi nọ́ńbà NAFDAC méjèèjì hàn án pé wọn ò bára mu. Ó ní, "Ìyá, èmi ò kàwé débẹ̀, Kírísítà ṣáà ni mò ń rà." Mo fún un ní àpò omi méjì, ṣùgbọ́n kò tíì padà wá.

Ní báyìí mo fẹ́ bọ́ sórí omi onígò, 50cl àti 75cl, mi ò sì fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo lọ wo inú fìríìjì ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà: bí kì í bá ṣe "Aqua", "Pure" ni tàbí "Fresh". Orúkọ tó wà lọ́kàn mi ni Tòrò. Omi tó tòrò lomi tó ti sinmi, tí ìdọ̀tí ẹ̀ ti wálẹ̀, tí èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí màmá mi ṣe máa ń ṣe omi odò nìyẹn ká tó bù ú mu. Mo fẹ́ lọ forúkọ náà sílẹ̀ ní CAC lọ́sẹ̀ yìí. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ má dààmú ara yín, mà. Orúkọ táwọn èèyàn ti mọ̀ ló ń tà. Ẹ lo "Aqua" yẹn, ẹ kàn yí lẹ́tà ẹ̀ padà, ẹ kọ ọ́ ní "Akwa". Tí CAC bá ti fún yín níwèé, kò sẹ́ni tó lè bá yín jà.

Lọ́yà Orúkọ Ọjà: Arákùnrin, ìdajì ọ̀rọ̀ yín nìkan ló tọ́. CAC ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ara ọjà kọ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ àmì ọjà ní Àbújá, lábẹ́ mínísírì tó ń bójú tó òwò, ló ń forúkọ ara ọjà sílẹ̀. Ní ti "Akwa", etí ni wọ́n fi ń gbọ́ orúkọ níbẹ̀, kì í ṣe ojú nìkan ni wọ́n fi ń wò ó. Tí méjèèjì bá dún bákan náà lẹ́nu, lẹ́tà tẹ́ ẹ yí kò ní gbà yín.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká wá "Toro" nínú ìwé wọn kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Kíláàsì 32 lomi wà, ibẹ̀ náà sì ni mínírà àti bíà wà. Nítorí náà, ká má wo omi nìkan. Bí ẹnì kan bá ti fi í pe bíà tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ó lè dí wa lọ́nà. Bí ọ̀nà bá mọ́, tí wọ́n gbà á wọlé, wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìkéde wọn, ẹnikẹ́ni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn ní oṣù méjì láti takò ó. Bó bá jáde láìsí wàhálà, ọdún méje lẹ máa kọ́kọ́ ní, lẹ́yìn náà ẹ lè tún un ṣe fún ọdún 14 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú. Èkíní, òfin kì í fẹ́ orúkọ tó kàn ń sọ bí ọjà ṣe rí. "Pure" sọ pé omi mọ́, "tòrò" náà sì ń sọ bí omi ṣe rí, Yorùbá tó jẹ́ kò pa ìtumọ̀ ẹ̀ mọ́. Èkejì, Toro jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Bauchi, wọn kì í sì í tètè fi orúkọ ìlú sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Bàbá Oníbúrẹ́dì: Ohun tó ṣe èmi náà nìyí o. Orúkọ ọmọ mi obìnrin ni mo fi sọ búrẹ́dì mi, ọmọ náà ti lọ sílé ọkọ báyìí, ó ní kí n yọ orúkọ òun kúrò. Ìyá, ẹ má fi orúkọ ọmọ sọ omi.

Ìyá Olómi Ọ̀jọọ́: Ẹ ṣé, sà. Orúkọ ọmọ kọ́ ni, omi tó tòrò ni mo ní lọ́kàn.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin ń wí pé "tòrò", ṣùgbọ́n TORO gbàgàdà ló máa wà lára ike. Àwọn oníbàárà wa kì í fẹ́ àmì ohùn lórí lébẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ó ń dí wọn lójú. Ojú àwọn èèyàn sì ti mọ́ Yorùbá tí kò ní àmì, wọ́n á kàn ka èyí tó bá kọ́kọ́ wá sọ́kàn wọn. Ẹnì kan á kà á sí tọrọ, bíi pé ẹ ń ṣagbe. Àgbàlagbà á kà á sí tọ́rọ́, owó ayé àtijọ́. Mo bẹ yín, ẹ má tẹ ohunkóhun kẹ́ ẹ tó fi han èèyàn. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike 50cl, kẹ́ ẹ ní kẹ́ni tí kò mọ̀ yín kà á sókè.

Alátẹ Dùgbẹ̀: Òótọ́ ni. Inú ariwo là ń ta omi, ọlọ́kọ̀ á yọrí, á pariwo orúkọ, ọmọ á sáré gbé e. Èyí tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, "omi tútù" ló máa dà. Eva rọrùn lẹ́nu. Kí ló dé tẹ́ ò fi pe tiyín ní Ṣẹ́lẹ̀rú?

Lọ́yà Orúkọ Ọjà: Kànga ẹ̀rọ lomi Ìyá wa ti ń wá, kì í ṣe ìsun. Tẹ́ ẹ bá pè é ní Ṣẹ́lẹ̀rú, ẹ ti sọ ibi tí omi ti ń wá fún oníbàárà, irọ́ sì ni. NAFDAC lè dá yín dúró lórí ìyẹn. Ẹ wo Gossy: láti Ìkógòsì l'Ékìtì lomi náà ti wá, níbi tí ìsun wà lóòótọ́, ara orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì ti gé tiwọn. Ó ti kúrò ní orúkọ ìlú, kò sì sọ pé omi mọ́ tàbí pé ó tutù. Irú gígé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn.

Ìyá Olómi Ọ̀jọọ́ *(lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)*: Mo ṣe ohun tí Atẹ̀wé sọ. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike tí mo lẹ TORO mọ́, èèyàn 12 ló kà á. Àwọn méje pè é ní tọrọ. Ọmọkùnrin kan bi mí léèrè bóyá ilé ìjọsìn ló ni omi náà. Mẹ́ta péré ló kà á bí mo ṣe fẹ́, méjì nínú wọn sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ó dùn mí, nítorí mo ti fẹ́ràn ẹ̀.

Mo wá gbìyànjú IRI, ìyẹn ìrì òwúrọ̀. Gbogbo wọn ló kà á dáadáa. Inú mi dùn, mo pe ẹni tó ń bá mi tajà ní Apẹtẹ lórí fóònù, mo ní "omi Ìrì ni a ó máa gbé wá o." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Omi èérí kẹ̀?"

Alátẹ Dùgbẹ̀: Ha! Ìyá, ìyẹn burú ju tọrọ lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Fóònù ló fa ìyẹn. Lójú tèmi, Ìrì dára, àwòrán ewé tí ìrì sẹ̀ sí lára á tún un ṣe.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Àwòrán kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Olómi Ọ̀jọọ́: Mi ò tíì lọ sí CAC. Mo ti kọ orúkọ odò abúlé màmá mi sílẹ̀, mo sì ń gé e sọ́tùn-ún sósì, mo ti rí mẹ́ta tó kúrú. Lọ́yà, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sínú àpótí yín, ẹ bá mi wò wọ́n ní kíláàsì 32. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lórí fóònù kẹ́ ẹ sọ wọ́n fún mi, kẹ́ ẹ má kọ wọ́n. Mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún.