Lẹ́tà tó di játijàti lójú kọ̀ǹpútà: ẹ sọ ìrírí yín lórí UART

Ará Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta
Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo so Arduino Pro Mini kan mọ́ kọ̀ǹpútà mi nípasẹ̀ UART, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń fi bíìtì ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí wáyà, kí ó lè máa sọ bí omi táǹkì ṣe ga tó fún mi.

```
Serial.begin(9600);
```

Báùdì kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn iye bíìtì tó ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wà ní 9600, síbẹ̀ játijàti ni gbogbo ohun tó ń jáde. Iná kékeré orí pátákó náà ló tú àṣírí: mo ní kí ó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá 1, ṣùgbọ́n 2 ló ń lò. Kírísítà 8 MHz ni aago tó wà lórí rẹ̀, èmi sì ti yan 16 MHz nígbà tí mo ń kó ètò sínú rẹ̀, nítorí náà 9600 tí mo kọ di 4800 lórí wáyà. Bí mo ṣe yí kọ̀ǹpútà sí 4800 ni ọ̀rọ̀ mọ́ kedere.

Àgbà Aṣerò
Irú rẹ̀ ṣe mí rí, mo sì fi gègé tọ pa lẹ́tà A lórí ìwé. Bó ṣe ń jáde nìyí: 0 ìbẹ̀rẹ̀, bíìtì 8 láti orí èyí tó kéré jù, lẹ́yìn náà 1 ìparí.

```
0 10000010 1
```

Ní 4800, bíìtì kan ń lo nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ǹdù 208. Ẹni tó ń kà á ní 9600 ń wo wáyà ní gbogbo 104, nítorí náà ó ń rí bíìtì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì:

```
0 01100000 0
```

Kì í ṣe A mọ́, àti pé 0 ló bá níbi tó yẹ kí 1 ìparí wà.

Ọmọ Ọbáńtokò
Ẹ̀yin àgbà, ohun tí mo mọ̀ ni pé àṣìṣe aago ń gorí ara rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gùn sí i, ìdí nìyí tí mo fi ń gé ọ̀rọ̀ mi kúrú.

Ìyá Kútọ̀
Tèmi kò tilẹ̀ fi ohunkóhun hàn, ojú rẹ̀ ṣófo pátápátá. Ṣé kí n dín báùdì kù?

Àgbà Aṣerò
Ẹ mà, ó jọ pé tiyín kì í ṣe ti aago; ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà TX àti RX wò. Àbúrò, lóòótọ́ ló ń gorí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n inú lẹ́tà kan ṣoṣo ni, torí 0 ìbẹ̀rẹ̀ tó tẹ̀lé e yóò mú kí olùgbà tún bẹ̀rẹ̀ ìkà lákọ̀tun. Àárín bíìtì ló ti ń wò. Bí aago méjèèjì bá fi 2 nínú 100 yàtọ̀, kí ó tó dé bíìtì ìparí, ó ti yẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún bíìtì, kò tíì ba nǹkan jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 6, ó ti kọjá ìdajì, bíìtì mìíràn ló ń kà yẹn.

Ará Láfẹ́nwá
Ó lè jẹ́ tèmi nìyẹn. Ṣípù ATmega328P mi kò ní kírísítà, aago inú ara rẹ̀ ló ń lò. Láàárọ̀ ó ń kọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú páànù gbóná lọ́sàn-án, àwọn lẹ́tà kan á bàjẹ́, àwọn yòókù á sì dúró bó ṣe yẹ. Ooru ni mo fura sí, àmọ́ iná sólà tó ń gbé e ń yí padà ní àkókò kan náà. Lọ́la, màá gbé e sí abẹ́ ibòji pẹ̀lú sólà kan náà, màá sì wá sọ ohun tí mo bá rí.