Ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru: ta ló dá ọmú dúró, ta ló parí káàdì síǹkì? Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni tèmi nígbà tí àrunṣu mú un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú, ó ti ṣu omi lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìyá ọkọ mi ní oòrùn ọjà ló mú kí ọmú mi kan, kí n má fún un mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. N kò lè bá wọn jiyàn, àgbo la ń tọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ọmú mi ti le gbagidi, ọmọ ń sunkún láìsí omijé, àwùjẹ rẹ̀ sì jìn.

Ní ibùdó ìlera, nọ́ọ̀sì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, ó jù ú sílẹ̀, awọ náà sì pẹ́ kó tó padà sípò. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n fún un lọ́mú. Ó po pákẹ́ẹ̀tì ORS oníyọ̀ àti ṣúgà kan sínú omi lítà kan, a ń fi ṣíbí fún un láàárín ọmú sí ọmú. Ó wá yíjú sí ìyá ọkọ mi: "Màmá, oòrùn kì í mú ọmú kan. Omi tó ń jáde lára ọmọ yìí ló ń gbà padà."

Ó fún mi ní káàdì síǹkì, hóró mẹ́wàá, ọ̀kan lójúmọ́. Mo máa ń fún wàrà ọmú díẹ̀ sínú ṣíbí, màá ju hóró náà sí i, á yọ́. Ọjọ́ kìíní, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi bì í jáde. Mo fún un ní òmíràn. Ní ọjọ́ kẹrin, ìgbẹ́ rẹ̀ ti ki, mo bá dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àrunṣu tún dé. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè ni káàdì yẹn. Hóró márùn-ún ṣì wà nínú rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìkòròdú

Síǹkì dára o, èmi jẹ́rìí. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni tèmi, hóró kan odindi là ń fún un lójúmọ́. Ọmú nìkan ló ń mu. Ẹ ò tiẹ̀ nílò omi oníyọ̀ yẹn bí síǹkì bá ti wà, òun ló ń dá ìgbẹ́ dúró.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Bàbá, ẹ ṣe dáadáa bí ẹ kò ṣe dá ọmú dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìdajì hóró onímílígírámù 20 ni tirẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, èébì ló máa ń fà. Síǹkì kì í sì í dá omi padà sára. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì bá ti ṣu omi, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ náà, ó tó ìdámẹ́rin sí ìdajì kọ́ọ̀pù ńlá. Bó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣíbíṣíbí. Èyí tó bá ku di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù.

Ìyá Àdùnní, ibi tí ẹ ti ṣìnà ni ọjọ́ kẹrin yẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni, bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ ti dá. Ọjọ́ tó kù yẹn ló ń ran ara lọ́wọ́ kí àrùn má tètè padà.

Màmá Tóbi

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ń hu eyín, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń yàgbẹ́. Ṣé kí n ra fílájìlì olómi ní kẹ́mísì?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Eyín kì í fa àrunṣu. Ohun tó bá rí nílẹ̀ ló ń kì sẹ́nu nígbà tí ẹrìgì bá ń yún un. Ẹ má ra fílájìlì fúnra yín. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ náà? Ṣé ó ṣì ń fa ọmú? Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, tàbí tí kò lè mu nǹkan kan, tàbí tó kàn ń sùn ṣáá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí.

Màmá Tóbi

Kò sí ẹ̀jẹ̀, ó ń fà á. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn àgbà ilé wa ló ní eyín ni o.

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì, ká ní mo parí káàdì yẹn, ṣé ẹ̀ẹ̀kejì ò bá má wáyé?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

N kò lè búra. Omi wo lẹ ń mu nílé?

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn

Omi kànga. A kì í sè é.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìkòròdú

Mo ti yẹ káàdì tiwa wò, mẹ́fà ló kù. Láti alẹ́ òní, ọ̀bẹ la ó fi là á sí méjì.