Ojú-ewé 312, ògbufọ̀ márùn-ún, ìwé kan tí kò bá ara rẹ̀ mu: ẹ gbà mí

Ìyá Àdúkẹ́, Òkè-Fìà: Ẹ káàsán o. Mi ò sùn láti àná. Mo gba iṣẹ́ ìtumọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, mo pín in fún ẹni márùn-ún. Àbúrò ọkọ mi wà nínú wọn. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Bó ṣe gba owó àkọ́kọ́ tán, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni fóònù rẹ̀ fi kú. Nẹ́pà ò mú iná wá, epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ mí lówó. Ní báyìí tí mo ti lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó dà bí aṣọ tí télọ̀ márùn-ún rán láìwọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ẹnì kan kọ "ẹ̀jẹ̀ ríru", òmíràn kọ "ìfúnpá gíga". Mo ní kí Word wá "àjẹsára", ó rí 40, bẹ́ẹ̀ ojú mi ń rí àwọn tí kò kà! Ọjọ́ Ajé ni mo máa fi ránṣẹ́.

Tíṣà Àgbà: Àkọtọ́ ló fà á. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, ẹ ṣì ń kọ "aiye". Ẹ dá a padà fún wọn kí wọ́n tún un kọ.

Ọmọ Ìgbọ̀nà: Ó ṣe ìyá mi náà. Wọ́n táìpù ìwé àdúrà wọn, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, gbogbo ẹ̀ di àpótí kéékèèké. Èló ni wọ́n san fún yín, Mà?

Atúnwèéṣe: Tíṣà, ẹ ṣeun, àmọ́ kì í ṣe àkọtọ́ nìkan. Ìyá Àdúkẹ́, kí ni oníkálukú fi táìpù?

Ìyá Àdúkẹ́: Ẹni méjì lo fóònù, àwọn yòókù lo kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ wọn dáa o, èmi ni mo yàn wọ́n.

Atúnwèéṣe: Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Àmì abẹ́ ẹ yẹn, ẹlòmíràn fi tótó sí i, ẹlòmíràn fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán. Ẹlòmíràn tún ń lo ẹ tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ọ̀rọ̀ ni "àjẹsára" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ dán an wò: ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn ẹ inú "àjẹsára" nínú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ Alt+X. Lẹ́tà kan ṣoṣo máa fi 1EB9 hàn, tótó máa fi 0323 hàn, ìlà máa fi 0329 hàn. Kí ẹ fi Ctrl+Z dá a padà. Tí ẹ bá rí ẹni tó mọ Python lọ́dọ̀ yín, kó fi èyí ṣe é lórí ẹ̀dà, títí kan ọ̀rọ̀ inú tébù; t ni ọ̀rọ̀ tó ń tún ṣe:

```
import unicodedata
t = t.replace("\u0329", "\u0323")
t = unicodedata.normalize("NFC", t)
```

Ìlà ni kó kọ́kọ́ sọ di tótó, torí NFC ò ka ìlà sí tótó, á kàn fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó tó parí, ẹ má ṣe tẹ Replace All kankan.

Ìyá Àdúkẹ́: Mo ti tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ àná. Mo sọ "àjẹsára" di "abẹ́rẹ́ àjẹsára" kó lè bára mu.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀: Áà, Màmá! Àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí à ń kán sọ́mọ lẹ́nu ńkọ́? Ẹ̀kán méjì ni, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ abúlé bá ka "abẹ́rẹ́" fún ìyá ọmọ, ìyá yẹn lè gbé ọmọ pamọ́.

Ìyá Àdúkẹ́: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. "Abẹ́rẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára" wà níbẹ̀, "ẹ kán abẹ́rẹ́ àjẹsára" náà wà níbẹ̀.

Atúnwèéṣe: Ẹ padà sí fáìlì tí oníkálukú fi ránṣẹ́, ẹ tún un lẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ní kí wọ́n lò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Àdúkẹ́: Àwọn oníṣẹ́ tó gbé ìwé yìí fún mi fi ìwé ọ̀rọ̀ 85 ránṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rò pé fún èmi nìkan ni. "Ẹ̀jẹ̀ ríru" ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìgbọ̀nà: Ẹ wá jẹ́ kí ẹni márùn-ún máa méfò?

Tíṣà Àgbà: "Ìfúnpá gíga" ló tọ̀nà jù, ẹnikẹ́ni ì báà kọ ìwé.

Atúnwèéṣe: Ó lè tọ̀nà, Tíṣà, àmọ́ ẹni tó ni ìwé ti yàn. Ìyá Àdúkẹ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ 85 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pààrọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀?

Ìyá Àdúkẹ́: Ẹni mẹ́ta kọ "ẹ fọ ọwọ́ yín". Méjì kọ "fọ ọwọ́ rẹ".

Atúnwèéṣe: Kò sí bọ́tìnì tó lè tún ìyẹn ṣe. "Rẹ" ń di "yín", "o" ń di "ẹ", bẹ́ẹ̀ "rẹ̀" tí í ṣe ti ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dúró, àwọn kan ò sì fi àmì sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá ń ka ojú-ewé mẹ́jọ ní wákàtí kan, wákàtí 39 ni. Ẹ pe àwọn oníṣẹ́ lónìí, ẹ tọrọ ọjọ́.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀: Ẹ fi orí àjẹsára ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín kà á lálẹ́ yìí.

Ìyá Àdúkẹ́: Mo ti ń fi í bọ̀, ọmọ mi. Mo tún ti pe àwọn oníṣẹ́. Wọ́n ní àwọn á pè mí padà ní ìrọ̀lẹ́.