"Ìsáré ọkùnrin kẹta"?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹnìkan pe ọgbọ́n tí aṣọ́lé fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nígbà tí alátakò bá ká a mọ́lé ní "ìsáré ọkùnrin kẹta". Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká pè é?

Onígírámà: Ọkùnrin báwo? Ṣé obìnrin kì í gbá bọ́ọ̀lù ni? *Ẹnì kẹta* ni. Ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sórí "nì" yẹn, "ìkẹta" ló wà níbẹ̀. Àwọn àgbà tó kọ́ wa kò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni jẹ fáwẹ̀lì náà gbé.

Èrò Pápá: Ní tèmi o, "ìsáré" gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ wò ó. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ aṣọ́lé, adẹ̀yìnmú méjèèjì ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà 6, agbábọ́ọ̀lù àárín, wà níwájú wọn. Atamátàsé alátakò kò wá tààrà, ó yí bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì fi ara dí ọ̀nà adẹ̀yìnmú òsì. Kí aṣọ́lé gbá a sí ẹsẹ̀ nọ́ńbà 6, bí alátakò tilẹ̀ wà lẹ́yìn ìyẹn. Ìfẹsẹ̀kàn kan ṣoṣo ni nọ́ńbà 6 yóò fi tì í sí adẹ̀yìnmú òsì, atamátàsé ti di ẹni ẹ̀yìn nìyẹn. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣì wà lójú ọ̀nà sí nọ́ńbà 6 ni adẹ̀yìnmú òsì ń kúrò lójú kan. Bó bá kúrò ṣáájú, wọ́n á tẹ̀ lé e. Bó bá dúró kí nọ́ńbà 6 tì í tán, wọ́n á ti bò ó. *Ìyọjú ẹnì kẹta* ni mo fara mọ́.

Ọmọ Èdè: Ẹ̀gbọ́n, onígun mẹ́ta ṣáà ni. Kí àwọn mẹ́ta fi bíi mítà 10 jìnnà síra, ó parí.

Èrò Pápá: Àlàfo yẹn dára, àbúrò mi, àmọ́ kò parí. Bí nọ́ńbà 6 bá dúró lójú ìlà kan náà pẹ̀lú aṣọ́lé àti adẹ̀yìnmú, alátakò kan ṣoṣo á dí ọ̀nà àwọn méjèèjì, igun ti tán. Páàsì tó rọ̀ ló tún burú jù. Ẹni tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà 6 á yọ síwájú gbà á, ojú ilé á sì ṣófo.

Olùkọ́ Ọmọdé: Adẹ̀yìnmú mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa ń lò. Ṣé ti àárín ni ẹnì kẹta?

Ọmọ Èdè: Rárá o, ètò ìgbàbọ́ọ̀lù ni. Aṣọ́lé ni èkíní, ẹni tó tì í ni èkejì, ẹni tó gbà á ni ẹ̀kẹta.

Onígírámà: "Ìyọjú" kò bá a mu. Ẹni tó yọjú lè tún padà sẹ́yìn. *Ìyọsí* ni.

Èrò Pápá: Ta ló ń yọ sí? "Yọ sí" ń fẹ́ àbọ̀.

Onígírámà: Bọ́ọ̀lù ni àbọ̀ rẹ̀! Ẹ tún gbàgbé àmì orí "nì" lókè.

Èrò Pápá: Bàbá, mo fi sí i. Ẹ padà lọ wò ó. Kí la wá fẹ́ pe nọ́ńbà 6 tó ń tì í?