Àkìbọ̀ ni àbí àkìbọ́? Ọ̀rọ̀ fáànù tó fẹ́ sọdá Sẹ̀mẹ̀

Ọmọ Ọlọ́jà, Àgbádárìgì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fáànù ni mò ń tà, àwọn oníbàárà mi ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu sì ti ń pọ̀ sí i. Mo kọ ìkéde kan fún wọn báyìí: "Fáànù onídùúró 18, gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ 4, okùn rẹ̀ yáàdì 2, àkìbọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a ó fi alárinà sí i lọ́fẹ̀ẹ́." Púlọ́ọ̀gì ni mo pè ní àkìbọ́, alárinà sì ni èyí tó ń jẹ́ kó wọ ihò iná tiwọn. Ẹnì kan ti dá tirẹ̀ padà, ó ní mo purọ́ fún òun. Kí ni mo kọ tí kò dáa?

Tíṣà Àgbà

Àkìbọ́! Ta ló fún ọ ní ohùn òkè yẹn? Bọ̀ ni, bí ẹni ń ti ọwọ́ bọ àpò. Bọ́ ni ti bọ́tìnnì tó já kúrò lára ẹ̀wù. Ohun tí o kọ yẹn, ohun tí a kì bọ inú ihò tó tún yọ bọ́ sílẹ̀ ni. O fi ẹnu ara rẹ sọ fún oníbàárà pé ọjà rẹ kò ní dúró lójú iná, o wá ń bi wá léèrè ìdí tó fi dá a padà.

Ìyá mi àgbà kò kàwé. Síbẹ̀, bí ọmọdé bá ṣi ohùn lójú rẹ̀, kò ní jẹ́ kó jẹun títí tí yóò fi tún un pè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ń kọ̀wé bí ẹni ń da iyẹ̀pẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Tíṣà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ fi èyí tó burú jù sílẹ̀. Ẹ wo iwájú ọ̀rọ̀ náà. Ì- la fi ń pe irinṣẹ́: ìgbálẹ̀, ìdérí, ìfọyín. Púlọ́ọ̀gì, irinṣẹ́ ni. Ìkìbọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Àkìbọ̀ tí àwọn kan ń gbé kiri yìí kò ní baba.

Ní ti fáànù, iǹṣì ni 18 yẹn, kò sì kọ ọ́ síbẹ̀. Kó sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà: iǹṣì kan jẹ́ 2.54, nítorí náà 18 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 46. Kó fi tépù wọn irin ìta kó lè dá a lójú.

Tíṣà Àgbà

Ìgbálẹ̀ ni a fi ń gbálẹ̀. Ìdérí ni a fi ń dé orí. Ṣé púlọ́ọ̀gì ni a fi ń kì? Ọwọ́ ni a fi ń kì í! Òun gan-an ni ohun tí a kì. Bí àfikún ṣe jẹ́ ohun tí a fi kún nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni àkìbọ̀ jẹ́ ohun tí a kì bọ inú nǹkan. Baba rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwé wo lo ti kọ́ gírámà tìrẹ?

Oníná Topó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olóhùn, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ kọjá. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣe wáyà ní Àgbádárìgì, mo sì ti ṣe iṣẹ́ dé ọ̀hún náà.

Iná tiwa àti tiwọn kò jìnnà síra. 230 fóòtì la kọ sí tiwa, 220 ni tiwọn, 50 sì ni ìyípo méjèèjì. Fáànù yìí yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ níbẹ̀ bí ó ṣe ń fẹ́ ẹ níbí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ìṣòro. Tiwa, irú G, eyín pẹlẹbẹ mẹ́ta ló ní. Ti òkè gùn ju méjì ìsàlẹ̀ lọ, nítorí òun ló ń ṣí ìbòjú ihò iná kí àwọn yòókù tó wọlé. Ẹ ti rí i tí àwọn ènìyàn ń fi bíróò tẹ ihò òkè kí wọ́n lè fi ipá ti olórí róbótó wọlé, ìbòjú yẹn ni wọ́n ń tàn jẹ. Fíúùsì sì wà nínú púlọ́ọ̀gì tiwa.

Ní ọ̀hún, irú E ló wọ́pọ̀ nínú ògiri: ihò róbótó méjì, irin kékeré kan sì yọ síta láàárín, òun ni wáyà ilẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ wa ti ń ṣòro nìyẹn, nítorí àwa nínú ṣọ́ọ̀bù, ako la ń pe èyí tó ń wọlé, abo la ń pe èyí tó wà lára ògiri. Abo tiwọn wá ní ako lára! Ẹ wá orúkọ fún ìyẹn, ẹ̀yin onígírámà.

Alárinà tí ọmọ yìí ń fi síi ni mo fẹ́ bá a sọ gan-an. Yí i padà, kí o wo ojú tó máa kọjú sí ògiri. Bí kò bá ní ihò tí irin ilẹ̀ yẹn máa gbà wọlé, òkú ni wáyà ilẹ̀ fáànù rẹ. Bí fáànù náà bá jẹ́ oníke, tí àmì onígun mẹ́rin kékeré nínú ńlá sì wà lára bébà ẹ̀yìn rẹ̀, kò nílò ilẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ onírin, ẹni tó bá fọwọ́ kan án lọ́jọ́ tí wáyà inú rẹ̀ bó ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Èkejì, púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn kì í di eyín mú dáadáa. Bí ó bá ń gbóná, tí ike rẹ̀ ń dúdú, tó ń rùn bí ẹja tó jóná, yọ ọ́ kíákíá.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gé púlọ́ọ̀gì tiwa kúrò, mo sì máa ń fi tiwọn sí i kí ọjà tó sọdá. Wáyà pupa rẹ́súrẹ́sú tó jọ àwọ̀ kọfí ló ń gbé iná wá, búlúù ló ń dá a padà, aláwọ̀ ewé oníyẹ́lò ni ti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n rántí pé fíúùsì ti bá orí tí o gé lọ. Ààbò tó kù ni èyí tó wà nínú bọ́ọ̀dù ilé oníbàárà, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún bọ́ọ̀dù ẹni tí mi ò rí.

Bàbá Ìkòròdú

Oníná, o ṣeun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Ọmọ mi fi ìkòkò ìrẹsì oníná ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Mo ra alárinà, ó wọ ihò iná dáadáa, mo tan iná. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó dún pàù. Nítorí náà, má fi alárinà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Ọ̀dàlẹ̀ ni.

Oníná Topó

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Tiyín yàtọ̀. 120 fóòtì ni ìkòkò yẹn ń mu, ẹ wá fún un ní 230. Ooru inú rẹ̀ á sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Alárinà kò yí agbára iná padà rárá, ìrísí ẹnu nìkan ló ń yí. Tiransífọ́mà ló yẹ kí ẹ wá. Bí bébà ẹ̀yìn ọjà bá kọ 100 sí 240, bí ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù ti ń kọ ọ́, ẹ̀rù kò bà yín. Fáànù tọmọ yìí kò sí nínú ìjà yẹn.

Tíṣà Àgbà

Ẹ tún wò ó! Ọ̀rọ̀ náà ni kò dáa. Ta ló sọ pé alárinà? Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Èyí tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló ń yẹ̀bá? Àárín tọkọtaya ló ń sùn láti ọjọ́ ìgbéyàwó! Bí ó bá yẹ̀bá, iná kò ní tàn. Àjèjì ni ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kò mọ ìdílé.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ káàárọ̀ o. Àwa tí wọ́n kọ ìkéde náà fún, ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè.

Àwa níbí, pìríìsì la ń pè é, àti ti ògiri àti ti okùn. Mo ka àkìbọ̀, mo rò pé oúnjẹ ni. Ẹ̀kejì, ẹ̀yin ará Nàìjíríà fẹ́ràn ẹsẹ̀ jù. "Gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ 4": mítà la fi ń wọn nǹkan níbí. Ó dá mi lójú pé oníbàárà yẹn rò pé fáànù náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, irú èyí tí ìdí rẹ̀ ṣe àgbélébùú. Ẹ tún sọ pé àkìbọ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Èwo ni ẹsẹ̀ ọjà, èwo ni ẹsẹ̀ iná?

Nọ́ńbà yín ń dà wá láàmú pẹ̀lú. Kómà ni àwa fi ń ya odidi sọ́tọ̀ kúrò lára èérún. Bí ẹ bá kọ 1,830, ohun tó lé díẹ̀ ní ọ̀kan ni a ó kà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún fi àlàfo sílẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé nílé ìwé tiwa, ɛ, ɔ àti sh la kọ́ wa, kì í ṣe lẹ́tà alámì ìdí. A máa ń ka tiyín, àmọ́ ìyá mi kò lè kà á.

Ọmọ Ọlọ́jà, Àgbádárìgì

Ará Àjàṣẹ́, àfi bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wí: "ẹsẹ̀ mẹ́rin lo pè, ìdí róbótó lo gbé wá." Mo ti rò pé òun ló fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ó tún wá sọ pé 18 kì í ṣe òótọ́, nítorí ó wọn irin ìta, ó bá 20.

Oníná Topó

Kí Ọmọ Ẹ̀pẹ́ má ṣì ọ́ lọ́nà. Irin ìta kọ́ ni a ń wọ̀n. Etí abẹ́bẹ̀ kan sí etí èyí tó kọjú sí i, bó bá ń yí, ni 18 yẹn. 45.72 ni ní sẹ̀ǹtímítà, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń kọ ọ́ ní 45. Ẹsẹ̀ bàtà 4 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 22. Yáàdì 2 jẹ́ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 83, kọ 80, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá ọ wá ìyókù.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Mo ti gbọ́ ti irin ìta. Ti ì- ń dúró dè yín.

Ọmọ Ọlọ́jà, Àgbádárìgì

Mo ti tún un kọ: "Fáànù onídùúró. Abẹ́bẹ̀ rẹ̀ 45 sẹ̀ǹtímítà láti etí dé etí. Gíga rẹ̀ mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 22. Ìdí róbótó, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀. Okùn rẹ̀ 1,8 mítà. 220 fóòtì. Pìríìsì rẹ̀ eléyín róbótó méjì, ihò ilẹ̀ wà lára rẹ̀." Oníná ló máa pààrọ̀ orí rẹ̀ fún mi, mo ti yọ alárinà kúrò.

Tíṣà Àgbà

Pìríìsì! O sá kúrò lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, o lọ bọ́ sọ́wọ́ Faransé.

Ará Àjàṣẹ́

Bọ́ ni àbí bọ̀, Tíṣà?